Ìndọ́kíṣọ̀n alágbára àti práìmù: mo há sí àárín 1960 àti 1961

Àrẹ̀mú_Ọdún1 · ọjọ́ Ajé, 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Wọ́n ní ká fi ẹ̀rí hàn pé gbogbo nọ́ńbà odidi tó bá ju 1 lọ ló ṣeé fọ́ sí práìmù, ìyẹn ni pé práìmù la sọ di púpọ̀ tó fi di nọ́ńbà náà. Ìndọ́kíṣọ̀n tí mo mọ̀ ni mo lò. 2 kò ní wàhálà. Mo wá ní ká gbà pé ó rí bẹ́ẹ̀ fún n, mo fẹ́ fi dé n+1, ni ọ̀nà bá dí. Mo fi nọ́ńbà gidi dán an wò: 1960 = 2·2·2·5·7·7. Èyí tó tẹ̀ lé e ni 1961, mi ò sì rí nǹkan kan tí 1960 sọ fún mi nípa rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n gbà pé ó rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀, kì í ṣe fún ẹyọ kan, ó ní ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ìndọ́kíṣọ̀n alágbára. Ṣé kì í ṣe pé mo ti gba ohun tí wọ́n ní kí n fi hàn yẹn ná?

Ìyá_Tólú · 9:31 alẹ́

Àrẹ̀mú ọmọ mi, má dààmú, 1961 náà fọ́. Kíláàsì karùn-ún ni mò ń kọ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bá a sì ṣe ń ṣe é nìyí. Fa ìlà bí àkàbà, kọ 1961 sókè, kó o wá máa fi práìmù dán an wò láti ìsàlẹ̀ lọ. 2 kò pín in torí 1 ló kẹ́yìn. 3 kò pín in torí 1+9+6+1 jẹ́ 17. 5 kò pín in. 7 ṣẹ́kù 1. 11 ṣẹ́kù 3, 13 ṣẹ́kù 11, 17 ṣẹ́kù 6, 19 ṣẹ́kù 4, 23 ṣẹ́kù 6, 29 ṣẹ́kù 18, 31 ṣẹ́kù 8. O dé 37, 37 ní ọ̀nà 53 jẹ́ 1961 géérégé. 53 fúnra rẹ̀ práìmù ni. Ó parí. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé tí wọ́n bá dán an dé 43 tí wọn ò rí nǹkan kan, kí wọ́n dúró, torí práìmù tó kàn lẹ́yìn 43 ni 47, 47 ní ọ̀nà 47 sì ti ju 1961 lọ.

Ayọ̀délé_K · 9:40 alẹ́

Ẹ ṣé mà, Ìyá Tólú, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí a ṣe ń fọ́ 1961 ló ń béèrè. Ẹ̀rí tó máa kárí gbogbo nọ́ńbà pátá ló ń wá.

Àrẹ̀mú, ọ̀rẹ́ rẹ tọ̀nà. Gbà á fún gbogbo èyí tó kéré sí n. Bí n bá jẹ́ práìmù, ó ti parí. Bí kò bá jẹ́ práìmù, n = a·b. a fọ́, b fọ́, n náà fọ́. Ìlà mẹ́ta péré. Ìpìlẹ̀ tó o kọ fún 2 yẹn, fa igi lé e, ìndọ́kíṣọ̀n alágbára kì í lo ìpìlẹ̀ rárá. Ẹ̀rí yìí kan náà ló sì fi hàn pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan lè gbà fọ́.

Àrẹ̀mú_Ọdún1 · 9:52 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Ayọ̀délé, ẹ ṣeun. Àmọ́ ìlà mẹ́ta yìí gan-an ni ọ̀rẹ́ mi kọ. Ẹni tó yẹ ìwé rẹ̀ wò fi bírò yí «n = a·b» ká, ó kọ «a àti b wo?» sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì yọ máàkì 2 nínú 5. A ò mọ ohun tó ń wá. Bẹ́ẹ̀ ni ọkàn mi ò tíì balẹ̀ lórí «ká gbà pé» yẹn.

Tíṣà_Ìṣirò · 10:25 alẹ́

Àrẹ̀mú, ibi tó o há sí yẹn, ibi tó yẹ kó o há sí ni. Jẹ́ ká dúró níbẹ̀ díẹ̀.

Wo ohun tí Ìyá Tólú rí nígbà tí wọ́n fi 7 dán 1961 wò: ó ṣẹ́kù 1. Fi 2 dán an wò, 1 ló máa ṣẹ́kù. Fi 5 dán an wò, 1 náà ni. Kì í ṣe èèṣì. 2, 5 àti 7 ni 1960 fọ́ sí, nítorí náà gbogbo wọn ló pín 1960 láìṣẹ́kù, bó o bá sì fi 1 kún un, 1 yẹn ni yóò ṣẹ́kù fún ìkọ̀ọ̀kan wọn. Kò sí práìmù kan láyé yìí tó lè pín n àti n+1 láìṣẹ́kù, torí bó bá pín méjèèjì, yóò pín ìyàtọ̀ wọn, ìyàtọ̀ wọn sì jẹ́ 1. Ohun tí 1960 lè sọ fún ọ nípa 1961 kò ju èyí lọ: «kò sí ìkankan nínú práìmù mi tó wà lára tìrẹ». Bí wọ́n ṣe fọ́ 1960 kò lè ràn ọ́ lọ́wọ́ láti fọ́ 1961, bó ti wù kó o yí i tó. Ìdí nìyẹn tí ìgbésẹ̀ láti n sí n+1 kò fi ṣí fún ọ.

Àwọn wo ló wá ran 1961 lọ́wọ́? 37 àti 53. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n wà, wọn ò sí nítòsí 1960. Fún 1962, 2 àti 981 lo máa lò. Fún 1963, 13 àti 151. O ò lè mọ̀ ṣáájú èyí tí nọ́ńbà tó ń bọ̀ máa nílò, ibi kan wà nísàlẹ̀ ṣá ni. Nítorí náà gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ ni kó o dì mọ́wọ́. Ohun tí wọ́n ń pè ní alágbára kò ju ìyẹn lọ.

Ó kan ọ̀rọ̀ «ká gbà pé». Ohun tó o fẹ́ fi hàn lórí 1961 ni pé 1961 fọ́. Ohun tó o gbà ni pé 2 títí dé 1960 fọ́. 1961 kò sí nínú ohun tó o gbà. Bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn ni: nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá fi máa dé èyí tó kàn, gbogbo ti ìsàlẹ̀ ló ti tẹ̀ kọjá, kì í ṣe èyí tó wà lẹ́yìn gìgísẹ̀ rẹ̀ nìkan. Ìndọ́kíṣọ̀n tí o mọ̀ tẹ́lẹ̀ náà tẹ gbogbo wọn, kò kàn lo ju ẹyọ kan lọ nínú wọn ni.

Bí o bá ṣì ń fura sí i, ọ̀nà kan wà tí wàá fi rí i pé kò sí idán níbẹ̀. Yí gbólóhùn tó o fẹ́ fi hàn padà. Má sọ pé «n fọ́». Sọ pé «gbogbo nọ́ńbà láti 2 dé n ló fọ́», kó o pè é ní Q(n). Wá fi ìndọ́kíṣọ̀n lásán tó o mọ̀ ṣe Q. Bí o bá ti gba Q(1960), 37 àti 53 ti wà lọ́wọ́ rẹ nìyẹn, o fi wọ́n fọ́ 1961, o fi 1961 kún àwọn tó wà nílẹ̀, ó di Q(1961). Ìndọ́kíṣọ̀n kan náà ni. Ẹrù tí o ń gbé láti àtẹ̀gùn kan sí èkejì ló pọ̀ sí i.

Màá sọ̀rọ̀ lórí máàkì 2 yẹn lọ́la. Ẹ̀yin tó kù, ẹ bá a wò ó.

Kóòdù_Ìbàdàn · 10:58 alẹ́

Mo rò pé mo mọ ibi tí máàkì 2 yẹn lọ, torí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí mi lórí kọ̀ǹpútà. Èmi kì í ṣe oníṣirò, ètò kọ̀ǹpútà ni mò ń kọ. Mo fẹ́ kọ èyí tó máa fọ́ nọ́ńbà sí práìmù, mo kọ ọ́ báyìí:

```python
def fo(n):
    for a in range(1, n):
        if n % a == 0:
            return fo(a) + fo(n // a)
    return [n]
```

Mo pe `fo(1960)`, ó sáré díẹ̀, ó dákú, ó kọ `RecursionError` síwájú mi. Ó tó wákàtí kan kí n tó rí i. Láti 1 ni mo ní kó bẹ̀rẹ̀ sí wá a. 1 pín gbogbo nọ́ńbà láìṣẹ́kù, nítorí náà ó kọ 1960 ní 1·1960, ó lọ fọ́ 1, ó padà wá fọ́ 1960, èyí tó tún kọ ní 1·1960, bẹ́ẹ̀ ló ń yí po. Mo yí `range(1, n)` padà sí `range(2, n)`, ó sì mú `[2, 2, 2, 5, 7, 7]` wá lójú ẹsẹ̀.

Ó jọ pé ohun tó ṣe ìwé ọ̀rẹ́ rẹ náà nìyẹn. «n = a·b» tó kọ, 1·n náà jẹ́ a·b.

Àrẹ̀mú_Ọdún1 · 11:10 alẹ́

Áà! Ìyẹn ni pé bí b bá jẹ́ n fúnra rẹ̀, tí mo sì sọ pé «b fọ́», mo ti lo ohun tí mo fẹ́ fi hàn nìyẹn. Ìbẹ̀rù tí mo ní láti ìbẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ló wà, kò sí nínú «ká gbà pé».

Tíṣà_Ìṣirò · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:48 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Kóòdù_Ìbàdàn ti sọ ọ́ dáadáa, Àrẹ̀mú náà sì ti gbá a mú. Ìwọ̀nba ni màá fi kún un.

Ohun tí a gbà kò ju pé gbogbo m tó wà láti 2 dé n−1 fọ́. Kó o tó lè sọ pé «a fọ́», o ní láti fi hàn pé a wà láàárín ibẹ̀. Ohun méjì ló yẹ kó o yẹ̀ wò: a kò gbọ́dọ̀ jẹ́ 1, torí a ò sọ nǹkan kan nípa 1, a kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ n. Bákan náà ni b. Báwo la ṣe mọ̀? Torí pé n kì í ṣe práìmù. Ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an ni pé nǹkan mìíràn pín in láìṣẹ́kù yàtọ̀ sí 1 àti òun fúnra rẹ̀. Pe nǹkan yẹn ní a, 1 < a < n nìyẹn. b ni n/a. Bí a ṣe ju 1 lọ, b kéré sí n. Bí a ṣe kéré sí n, b ju 1 lọ. Ìlà méjì péré ni, òun ló sì gbé gbogbo ẹ̀rí náà dúró. Èmi náà ì bá yọ máàkì níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 1 ni màá yọ, mi ò ní yọ 2.

Ayọ̀délé, mo fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀ lórí ìpìlẹ̀. Nínú ẹ̀rí yìí, òótọ́ ni pé a kò nílò kọ́lọ́mù ọ̀tọ̀ fún 2. Bí n bá jẹ́ 2, kò sí nǹkan kan nísàlẹ̀ tí a lè gbà, bẹ́ẹ̀ ni a kò sì lo nǹkan kan, torí 2 jẹ́ práìmù, ó bọ́ sí ẹsẹ̀ àkọ́kọ́, ó parí. Ṣùgbọ́n má sọ pé kò sí ìpìlẹ̀. Ìpìlẹ̀ ibẹ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ: gbogbo práìmù pátá ni ìpìlẹ̀, 2, 3, 5, 37, 53, torí ìkọ̀ọ̀kan wọn ló dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ láìfara ti ẹnikẹ́ni. Ẹsẹ̀ «bí n bá jẹ́ práìmù» ló gbé wọn pa mọ́.

Bí o bá sọ ọ́ di òfin pé ìndọ́kíṣọ̀n alágbára kì í lo ìpìlẹ̀, wo ibi tó máa gbé ọ lọ. Gbé pákó ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 3 àti ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 5 sílẹ̀. Sọ pé gbogbo gígùn láti 1 lọ sókè ló ṣeé tò jáde nínú wọn láì gé pákó. Ẹ̀rí rẹ: gbà á fún gbogbo gígùn tó kéré sí n, mú n−3, fi pákó ẹlẹ́sẹ̀ 3 kan kún un, o ti dé n. Ó dùn létí. Àmọ́ kò sẹ́ni tó lè to 7. 7 fara ti 4, 4 fara ti 1, 1 sì na ọwọ́ sí −2 tí kò sí nínú ohun tí a gbà. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ láti 8, ó di òótọ́, ṣùgbọ́n o ní láti fi ọwọ́ ara rẹ to 8, 9 àti 10 kó o tó lè jẹ́ kí ìgbésẹ̀ náà máa lọ. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń bi ara mi léèrè: nọ́ńbà tó kéré jù, ta ló fara tì? Bí ìdáhùn bá jẹ́ «kò fara ti ẹnikẹ́ni, ó dúró fúnra rẹ̀», kò séwu.

Ayọ̀délé_K · 7:30 àárọ̀

Ẹ ṣé sà, mo gbà ti pákó yẹn. Màá gba ọ̀rọ̀ mi padà lórí ìpìlẹ̀. Ṣùgbọ́n ti ọ̀nà kan ṣoṣo ńkọ́? a fọ́ ní ọ̀nà kan, b fọ́ ní ọ̀nà kan, àpapọ̀ wọn á jẹ́ ọ̀nà kan. Ìndọ́kíṣọ̀n kan náà ló gbé e wá.

Adéṣewà_M · 8:15 àárọ̀

Rárá o, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú. a fọ́ ní ọ̀nà kan lóòótọ́, b náà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a àti b fúnra wọn kọ́ ni ọ̀nà kan ṣoṣo. 1960 jẹ́ 40·49, ó tún jẹ́ 35·56, ó tún jẹ́ 10·196. Ta ló sọ fún yín pé àwọn práìmù tó máa jáde nínú 40 àti 49 ni yóò jáde nínú 35 àti 56? Wọ́n bára mu lóòótọ́, mo ti ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ̀rí yín kò sọ ìdí.

Jẹ́ kí n fi ibì kan hàn yín tí ẹ̀rí yìí ti ṣiṣẹ́ pátápátá, tí ọ̀nà kan ṣoṣo kò sì sí. Ẹ gbàgbé gbogbo nọ́ńbà yòókù, kó ku kìkì àwọn tí 2 pín láìṣẹ́kù: 2, 4, 6, 8, 10, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ayé yìí, 6 kò ṣeé fọ́, torí 3 kò sí níbẹ̀. 2 kò ṣeé fọ́, 10 kò ṣeé fọ́, 18 kò ṣeé fọ́. 4 fọ́ sí 2·2, 8 fọ́ sí 2·2·2, 12 fọ́ sí 2·6. Àwọn tí kò ṣeé fọ́ ni práìmù ayé náà. Ẹ wá ka ẹ̀rí Àrẹ̀mú níbẹ̀: bí n kò bá ṣeé fọ́, ó parí; bí ó bá ṣeé fọ́, n = a·b, méjèèjì kéré sí n, méjèèjì fọ́, n náà fọ́. Kò sí lẹ́tà kan tó yí padà. Gbogbo nọ́ńbà ayé yẹn fọ́ sí práìmù ayé yẹn.

Ẹ wá fọ́ 36. 6·6 ni. 2·18 náà sì ni. 6, 2 àti 18, kò sí èyí tó ṣeé fọ́ nínú wọn. Ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún nọ́ńbà kan.

Bí ẹ̀rí kan bá ṣiṣẹ́ níbi tí ọ̀rọ̀ kan ti jẹ́ irọ́, kò lè jẹ́ ẹ̀rí ọ̀rọ̀ náà. Kì í ṣe ìyẹn la fi hàn.

Ayọ̀délé_K · 8:41 àárọ̀

36 yìí dá mi lọ́wọ́ kọ́. Kí ló wá wà nínú nọ́ńbà tiwa tí kò sí nínú ayé 2 yẹn?

Adéṣewà_M · 9:05 àárọ̀

Èyí: nínú nọ́ńbà tiwa, bí práìmù kan bá pín a·b láìṣẹ́kù, ó gbọ́dọ̀ pín a tàbí kó pín b. Nínú ayé 2, 6 pín 36 torí 36 jẹ́ 6·6, 36 sì jẹ́ 2·18, ṣùgbọ́n 6 kò pín 2, kò sì pín 18, torí 18 jẹ́ 6·3, 3 ò sì sí níbẹ̀. Ohun tó já nìyẹn. Yúklíídì ti fi í hàn fún nọ́ńbà tiwa nínú Ìwé Keje, gbólóhùn ọgbọ̀n. Gbólóhùn tó tẹ̀ lé e gan-an, ìkọkànlélọ́gbọ̀n, ló kan ọ̀rọ̀ Àrẹ̀mú: gbogbo nọ́ńbà tí kì í ṣe práìmù, práìmù kan wà tó pín in. Ẹ̀rí pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà kò wá hàn gbangba nínú ìwé títí Gáúsì fi kọ ọ́ jáde ní 1801.

Ó wù mí bí Yúklíídì ṣe ṣe é, torí kò lo ìndọ́kíṣọ̀n bí a ṣe ń kọ ọ́ lónìí. Ó ní nọ́ńbà náà kì í ṣe práìmù, nítorí náà nǹkan kan pín in. Bí nǹkan yẹn bá jẹ́ práìmù, ó parí. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, nǹkan mìíràn tó kéré sí i pín òun náà. Bí a kò bá dé ibi práìmù rárá, a óò máa sọ̀ kalẹ̀ láìdúró, ìyẹn kò sì lè ṣẹlẹ̀ nínú nọ́ńbà odidi. Gbogbo agbára ẹ̀rí náà wà nínú «kò lè máa sọ̀ kalẹ̀ títí» yẹn. Níbi tí kò bá sí ìsàlẹ̀, kò ní ṣiṣẹ́: bí ẹ bá gba gbòǹgbò láyè, 2 jẹ́ √2·√2, √2 náà tún fọ́ sí gbòǹgbò tirẹ̀, ẹ ò sì ní dé ibi tí ẹ máa dúró láéláé.

Ìdí nìyẹn tí èmi kì í fi í kọ́ àwọn ọmọ ní ìndọ́kíṣọ̀n alágbára fún èyí. Mo máa ń ní kí wọ́n ṣe é báyìí: ká ní nọ́ńbà kan wà tí kò fọ́, mú èyí tó kéré jù nínú wọn. Kì í ṣe práìmù, torí práìmù ti fọ́ tán. Ó jẹ́ a·b, méjèèjì kéré sí i, méjèèjì ju 1 lọ. Òun ló kéré jù nínú àwọn tí kò fọ́, nítorí náà a fọ́, b fọ́, òun náà sì fọ́. Irọ́ ti já. Ẹ ò rí i pé kò sẹ́ni tó máa béèrè pé «ṣé a kò ti gba ohun tí a fẹ́ fi hàn»?

Tíṣà_Ìṣirò · 12:20 ọ̀sán

Adéṣewà, ti 36 yẹn, o ṣe é dáadáa. Lórí èyí tó kù, mi ò gbà pátápátá. Ẹ̀rí kan náà la ń sọ, tìrẹ kọjú sẹ́yìn, tèmi kọjú síwájú. Àmọ́ mo ti rí ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń kọ «èyí tó kéré jù» láìlò ó. Wọ́n á kọ ọ́ sókè, wọ́n á fọ́ a àti b, wọn ò ní sọ ibi tí kíkéré jù yẹn ti ṣiṣẹ́. Bí ẹ̀rí bá dá lórí nọ́ńbà tí kò sí, ọmọ kì í ní nǹkan tó lè fi ọwọ́ dì mú. Tèmi, a lè gbé 1960 kalẹ̀ ká máa tẹ̀ lé e: 40·49, 40 di 5·8, 49 di 7·7, 8 di 2·4, 4 di 2·2.

Adéṣewà_M · 12:47 ọ̀sán

A lè gbé 1960 kalẹ̀ nínú tèmi náà sà, àfi pé yóò jẹ́ àpẹẹrẹ, kò ní sí nínú ẹ̀rí. Mi ò rò pé a máa fẹnu kò lórí èyí.

Àrẹ̀mú_Ọdún1 · 4:33 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣeun gidigidi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin òbí. Ohun tí mo fẹ́ fi sílẹ̀ lọ́la rè é, ẹ bá mi wò ó:

Mú n, n ≥ 2. Ká gbà pé gbogbo m tó jẹ́ 2 ≤ m < n ló fọ́ sí práìmù. Bí n bá jẹ́ práìmù, òun nìkan ti tó, práìmù kan ṣoṣo ni. Bí n kò bá jẹ́ práìmù, nọ́ńbà a kan wà tó pín in láìṣẹ́kù, 1 < a < n. Jẹ́ kí b = n/a. Nítorí pé a > 1, b < n. Nítorí pé a < n, b > 1. a àti b wà láàárín 2 àti n−1, nítorí náà a = p₁·p₂···pᵣ, b = q₁·q₂···qₛ, gbogbo wọn práìmù. n = p₁···pᵣ·q₁···qₛ. Bí n ṣe jẹ́ 2, ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ ló bọ́ sí, a kò lo ohun tí a gbà.

Tíṣà_Ìṣirò · 5:02 ìrọ̀lẹ́

Ó péye. Yí «bí n ṣe jẹ́ 2» padà sí «bí n bá jẹ́ 2».

Ìyá_Tólú · 8:19 alẹ́

Mo ti ń ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín láti òwúrọ̀, ẹ má bínú pé mo kọ́kọ́ gba ìbéèrè náà sódì. Nǹkan kan ló wá ń jẹ mí lọ́kàn báyìí. Nínú àkàbà tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ, a máa ń wá nọ́ńbà tó kéré jù, láti 2 lọ, tó pín tòkè láìṣẹ́kù. Ìgbà gbogbo ló máa ń jẹ́ práìmù. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ṣe é, mi ò bi ara mi rí pé kí ló dé. Kí ló dé tí kì í ṣe 4 tàbí 6 ló ń kọ́kọ́ pín in?

Tíṣà_Ìṣirò · 8:40 alẹ́

Mà, bí 6 bá pín in, 2 ti pín in ṣáájú, torí 2 wà nínú 6. Ẹ wò ó fún èyíkéyìí: bí èyí tó kéré jù, tí a pè ní d, bá ṣeé fọ́, ègé rẹ̀ kan kéré sí d, ó ju 1 lọ, ó sì pín nọ́ńbà òkè náà láìṣẹ́kù. Ìyẹn ni pé d kọ́ ló kéré jù. Nítorí náà d gbọ́dọ̀ jẹ́ práìmù.

Àkàbà yín fúnra rẹ̀ sì ni ẹ̀rí náà. Ẹ yọ d, ó ku n/d. 1960 di 980, 980 di 490, 490 di 245, 245 di 49, 49 di 7. Láti 1960 ẹ bọ́ sí 980 lẹ́ẹ̀kan, ẹ ò gba 1959 kọjá. Ìndọ́kíṣọ̀n alágbára lẹ ti ń kọ́ wọn láti ogún ọdún.

Ìyá_Tólú · 8:52 alẹ́

Ẹ ṣeun. Màá béèrè lọ́wọ́ wọn lọ́la ìdí tí 6 kì í fi í ṣáájú 2. Ó dá mi lójú pé ẹnì kan nínú wọn máa rí i.

Kóòdù_Ìbàdàn · 9:15 alẹ́

Ìbéèrè tèmi ṣì kù o. Bí mo bá pe `fo(1)`, kóòdù mi mú `[1]` wá, 1 kì í sì í ṣe práìmù. Ṣé kí n jẹ́ kó mú `[]` wá ni àbí kó kọ̀?

Adéṣewà_M · 9:21 alẹ́

`[]`. 1 ni ohun tó ń jáde bí a kò bá mú práìmù kankan láti sọ di púpọ̀. Bí o bá gbà bẹ́ẹ̀, gbogbo nọ́ńbà láti 1 ló fọ́, o ò sì ní máa sọ «tó ju 1 lọ» mọ́.

Ayọ̀délé_K · 9:34 alẹ́

Èmi ò fara mọ́ ọn. Ẹni tó sọ pé òun sọ nǹkan di púpọ̀ láìmú nǹkan kan dání kò tíì ṣe nǹkan kan. Jẹ́ kó kọ̀.

Adéṣewà_M · 9:40 alẹ́

Kí lẹ wá fẹ́ kí 7 pín pẹ̀lú 7 fọ́ sí, nígbà tí a bá yọ 7 tó gbẹ̀yìn kúrò nínú àkàbà Ìyá Tólú?